Mo mọ ojú wọn, orúkọ ni n kò rántí: báwo ni màá ṣe kí wọn níbi òkú?

Ọmọ Ìkọ̀lé tó wà l'Ékòó

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, à ń lọ sí ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ìkọ̀lé. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń lọ, kò sì tíì dé ibẹ̀ rí. Mo mọ̀ dájú pé màmá kan máa wà níbẹ̀ tí àwọn àti òbí mi jọ gbé inú ọgbà kan náà nígbà tí mo wà ní pírámárì. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Èmi náà mọ ojú wọn, mo mọ ohùn wọn, mo sì rántí pé aṣọ ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti fò lọ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni n kò rántí orúkọ ọmọ wọn kankan. Àwọn òbí mi ò sí mọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè kí n tó kúrò l'Ékòó.

Báwo ni mo ṣe lè kí wọn kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ yìí ti dé Èkó, ó ti gbàgbé ilé? Báwo sì ni màá ṣe fi ìyàwó mi hàn wọ́n?

Alága Ìdúró Adó

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ rántí orúkọ màmá yẹn, ṣé ẹ máa pè é mọ́ wọn lójú ni? Ọmọ tó bá pe ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ lórúkọ, àbùkù ara rẹ̀ ló ń wá. Nítorí náà, orúkọ wọn kò sí lára ohun tí ẹ máa fi kí wọn. Ohun tí ẹ nílò ni ohun tí ẹ máa pè wọ́n, "Màmá" nìkan sì tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni ohun tí èèyàn ń fi kún "Màmá" nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ẹ rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹ má dúró sí ọ̀ọ́kán kí ẹ máa juwọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pé kí ẹ kàn fọwọ́ kanlẹ̀. Kí ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín jẹ́ ìkíni àsìkò: "Ẹ káàsán mà." Lẹ́yìn náà, "Ẹ kú àtìjọ́ mà." Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́, "ẹ kú àtìjọ́" bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dá a lójú ìgbà tí òun rí èèyàn kẹ́yìn, kó má sọ ọ́ o. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ pàdé ní oṣù tó kọjá, ìkíni yẹn nìkan ti tú u fó pé o kò rántí onítọ̀hún. Lẹ́yìn ìyẹn ni "Ẹ kú ìjókòó mà." Ẹ má sọ "ẹ kú ìnáwó" tàbí "ẹ kú ara fẹ́ra kù" títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ara àwọn olóòkú ni wọ́n.

Ẹ wá dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má tíì dìde, ẹ má sì tíì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ba nǹkan jẹ́ níhìn-ín, torí wọ́n rò pé àwọn gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ kí àṣírí má baà tú. Àgbà tí a bá kí báyìí kò ní dákẹ́. Wọ́n máa dáhùn, wọ́n máa súre, wọ́n sì máa pe ẹ̀yin lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n bá pè yín yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ́tí sí.

Fẹ́mi Kọ̀ǹpútà

Èyí gùn jù. Ọ̀nà kúkurú wà. Ẹ fún wọn ní fóònù yín, kí ẹ ní, "Màmá, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yín sínú rẹ̀." Wọ́n á tẹ nọ́ńbà, wọ́n á tẹ orúkọ, ó parí. Bí wọn ò bá tẹ orúkọ, ẹ bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?"

Ìyàwó Ilé Ìkẹ́rẹ́

Fẹ́mi, ìdajì rẹ̀ dára. Ti fóònù ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe bí o ṣe sọ ọ́ yẹn. Tí o bá gbé fóònù lé màmá àgbà lọ́wọ́ láàárín òòrùn àti ariwo, kò ní dígí lójú, yóò dá a padà fún ọ ni, yóò ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀, màá pè é fún ọ." Á wá ka nọ́ńbà nìkan. Tó bá kà á tán, ìgbà yẹn ni kí o bi í pé, "Kí ni kí n kọ sí i mà?" Má ṣe sọ pé "Kí ni orúkọ yín?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo èèyàn ló ń béèrè rẹ̀, kódà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa, torí ẹnì kan lè fẹ́ kí wọ́n fi Màmá Dúpẹ́ sí i, ẹlòmíì lè fẹ́ orúkọ oyè tàbí ti ìsọ̀. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ń jẹ́ fún ọ láìfura.

Tètè ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ òun lo fi bẹ̀rẹ̀, yóò dà bí ẹni tó ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún owó orí.

"Báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín" kò wúlò rárá. Bí a ṣe ń pe orúkọ Yorùbá la ṣe ń kọ ọ́. Tí wọ́n bá ní "Àdùkẹ́" ni, kí lo fẹ́ sọ? Ó lè wúlò díẹ̀ fún orúkọ ìdílé, torí àwọn ìdílé kan ní Èkìtì ti yọ "Fá" kúrò nínú tiwọn, wọ́n sì ti fi "Olú" tàbí "Jésù" rọ́pò rẹ̀, àwọn míì ò sì yí tiwọn padà. Àmọ́ orúkọ ìdílé kọ́ ni ẹni yìí ń wá.

Alága Ìdúró Adó

Ẹ ṣeun, Ìyàwó Ilé. Ẹ jẹ́ kí n parí ti orúkọ tí wọ́n bá pe ọmọ wa yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ju orúkọ kan lọ. Ó ní èyí tí wọ́n ń pè wá nínú ilé, ó ní èyí tí ìyá ìyá wa nìkan ń pè, ó ní ti ìrìbọmi tó wà nínú ìwé ilé-ìwé, ó sì ní ìnagijẹ tí ẹgbẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Káyọ̀dé ni wọ́n ń pè yín nínú ọgbà, Sámúẹ́lì ní ilé-ìwé, tí ìyá ìyá yín sì ń pè yín ní Ajíbádé. Bí àgbà kan bá ní, "Há, Káyọ̀dé!", inú ọgbà ló ti mọ̀ yín. Bó bá ní "Sámúẹ́lì", ẹ máa wo apá ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ní "Ajíbádé", mọ̀lẹ́bí ìyá yín ni, kí ẹ sì tún ìdọ̀bálẹ̀ yín ṣe.

Èkejì ni ẹni tí wọ́n bá bèèrè. Bí wọ́n bá ní "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" tí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, wọ́n bá yín gbé. Bí wọ́n bá ní "Ìyá rẹ ò gbàgbé mi títí ọjọ́ ikú rẹ̀ o", ọ̀rẹ́ ìyá yín ni wọ́n. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta péré ti tó láti mọ agbo tí wọ́n ti wá, ìyẹn sì ló sábà máa ń jí orúkọ dìde.

Bó bá wá kàn yín láti béèrè, "Gbogbo ilé ńkọ́ mà? Ṣé ara le?" ni kí ẹ sọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe bèèrè "Bàbá ńkọ́?" Bí ọkọ wọn bá ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí gbogbo ìlú sì gbọ́, ẹ ti dá egbò sílẹ̀, ẹ sì ti fi hàn pé ẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. "Àwọn ọmọ ńkọ́?" náà léwu fún ẹni tí ẹ kò rántí bóyá ó bímọ. Gbogbo ilé máa ń kó wọn pọ̀ láì yọ ẹnì kan sọ́tọ̀.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn máa fojú bu "Ìyá Lágbájá". Ẹni tí a kò dárúkọ lè rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí a pè ní Ìyá Ṣadé nígbà tí kì í ṣe Ìyá Ṣadé mọ̀ pé ẹlòmíì lo rí nínú òun. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé Ìyá Ṣadé yẹn ni orogún rẹ̀ nínú ilé kan náà, ìbínú ọjọ́ náà kò ní tán ní Ìkọ̀lé. Ó sì lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni Ṣadé jẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣadé ti kú. Tí ẹ kò bá mọ̀ dájú, ẹ fi "Màmá" sílẹ̀ bó ṣe wà.

Tísà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Mo kí gbogbo yín. Tèmi nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ máa ń dá mi dúró ní Ọjà Ọba ní Adó, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ ò mọ̀ mí mọ́?" Wọ́n ti di géńdé, òmíì ti hu irùngbọ̀n, òmíì ti di abilékọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n. Ṣé "Màmá" yẹn náà ni màá máa pè wọ́n? Kí ni kí n ṣe?

Alága Ìdúró Adó

Rárá sà, ti ẹni yìí yàtọ̀ sí tiyín. Ó ń kí àgbà, ẹ̀yin ń dáhùn ìkíni ẹni tó kéré sí yín. Ní tiyín, orúkọ wúlò, torí ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ bá pè lórúkọ, inú rẹ̀ á dùn títí alẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà ni yín, ẹ ní àǹfààní tí ọmọdé ò ní: ẹ lè bi í ní tààrà. "Ọmọ mi, ojú rẹ kò ṣàjèjì sí mi. Rán mi létí orúkọ rẹ, àti ọdún tí o jáde." Ọdún tó jáde yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń fi hàn pé ẹ fẹ́ rántí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa bínú sí i.

Ẹ kàn ṣọ́ ohun tí ẹ ó máa pè é kó tó dáhùn. Èkìtì nìyí. Ọmọ tí ẹ kọ́ ní ABD lè ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́ tàbí Adó, kó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá sọ́jà. "Ọmọ mi" kò bu ẹnikẹ́ni kù. "Ìwọ bọ̀bọ́ yìí" lè bù ú kù lójú wọn. Ẹ má sì fi àníyàn pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní dókítà nítorí pé ẹ fẹ́ ṣe àpọ́nlé. Ẹni tó ti gun òkè kò fẹ́ kí wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀ lójú ọjà.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin ará, gbogbo "ẹ káàsán mà" yín yìí, èdè Ọ̀yọ́ ni. Ní èdè Èkìtì ponbele, àwọn àgbà wa kò gbára lé "ẹ" tó bẹ́ẹ̀. "O" ni wọ́n ń sọ síra wọn, ọmọdé náà ń sọ ọ́ sí àgbà, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀, torí ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Màmá tó bá gbọ́ "ẹ, ẹ, ẹ" láti ẹnu ọmọ tí wọ́n jọ gbé ọgbà, yóò rò pé àlejò ni. Kó kí wọn ní èdè ilé! Ìyẹn á ti fi hàn pé kò gbàgbé ilé, ìbáà rántí orúkọ, ìbáà má rántí.

Alága Ìdúró Adó

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìkíni ní èdè ilé lágbára ju orúkọ lọ, bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Kó bi wọ́n pé "Ulé ńkọ́?" dípò "Ilé ńkọ́?", á rí i bí ojú wọn á ṣe tàn. Ṣùgbọ́n ti "o" yẹn, n kò ní gbà á nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lo "ẹ" ní Ìkọ̀lé láti ọjọ́ pípẹ́, ìyàwó rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ sì máa dúró tì í. Bí ọkọ bá ń sọ "o" sí àgbà, ìyàwó á rò pé ọkọ òun ń yájú.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Èmi ò gbà. Ìyàwó lè kọ́ ọ.

Ìyàwó Ilé Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ kò tíì dáhùn ti ìyàwó. Ibẹ̀ ló sì le jù, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń retí kí orúkọ jáde: "Màmá, ìyàwó mi nìyí. Ìyàwó mi, èyí ni... èyí ni..." Ṣé ẹ rí i?

Kí ẹ tó kúrò nínú ọkọ̀ ni kí ẹ ti jọ sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé, "Bí mo bá kí ẹnì kan tí mo sì sọ pé 'Màmá wa nìyí' láì fi nǹkan kan kún un, n kò rántí orúkọ wọn." Kó má dúró de ìfihàn. Bí ẹ bá ti ń dìde ni kó kúnlẹ̀, kó ní, "Ẹ káàsán mà. Èmi ni ìyàwó Káyọ̀dé." Ó parí. Òun ló fi ara rẹ̀ hàn, ẹ kò fi ẹnikẹ́ni han ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti súre fún un tán, kó bi wọ́n fúnra rẹ̀ pé, "Kí ni kí n máa pè yín mà?" Ìyàwó tuntun ní ẹ̀tọ́ láti bi í, ẹni kan ò sì ní fura. Kódà ó yẹ kó béèrè, torí nílẹ̀ wa ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò máa fi pè wọ́n. Màmá á ní, "Màmá Báyọ̀ ni wọ́n ń pè mí o." Ẹ̀yin náà á ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó fún ọdún mẹ́wàá tí màmá yìí sì wá síbi ìgbéyàwó yín, ìyàwó yín kò lè béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ fọ́tò ìgbéyàwó wò.

Ọmọ Ìkọ̀lé tó wà l'Ékòó

Wọn ò wá síbi ìgbéyàwó wa, l'Ékòó la ti ṣe é. Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Tí wọ́n bá dì mí lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ mí? Ta ni mí?" ńkọ́? Àwọn àgbà wa fẹ́ràn rẹ̀.

Alága Ìdúró Adó

Wọ́n á béèrè o, ẹ múra sílẹ̀ dè é. Ẹ má purọ́ pé ẹ rántí. Ẹni tó bá ní "Há, ṣé mo lè gbàgbé yín ni?", ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni "Ó dáa, ta ni mí?", kò sì sí ibi tó máa sá gbà mọ́. Ohun tí ẹ rántí ni kí ẹ kó jáde kí ẹ tó jẹ́wọ́ èyí tí ẹ kò rántí. Ó lè lọ báyìí:

"Ta ni mí?"

"Màmá, inú ọgbà wa ni mo ti mọ̀ yín. Aṣọ lẹ ń tà. Ohùn yín ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ lónìí. Orúkọ ló fò mí lórí, ẹ má bínú sí mi."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ọgbà, aṣọ àti ohùn, nǹkan mẹ́ta tí àlejò kò lè mọ̀. Kí wọ́n tó dé orí orúkọ, wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ṣì wà lọ́kàn yín. Ẹ tún dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ orúkọ náà fúnra wọn. Bí wọ́n bá bá yín wí díẹ̀, ẹ gbà á: "Ẹ jọ̀ọ́ mà." Ẹ má ṣàlàyé nípa iṣẹ́ àti wàhálà Èkó. Àlàyé ló ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ẹjọ́. Ẹ má sì tètè kó owó jáde ní àkókò yẹn. Owó tó bá tẹ̀ lé ìgbàgbé ń dà bí owó ìtánràn. Ẹ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Bí wọ́n bá sì sọ orúkọ náà, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan lójú ẹsẹ̀, "Ẹ ṣeun, Màmá Báyọ̀." Lẹ́nu ara yín ló ti máa wọnú orí.

Dírẹ́bà Ìfàkì

Kò sẹ́ni tó sọ pé kó kọ́kọ́ wádìí kó tó lọ bá wọn. Níbi òkú, àwọn ọmọ olóòkú sábà máa ń ya kánópì sọ́tọ̀, aṣọ tí àlejò wọn wọ̀ sì máa ń yàtọ̀. Wo aṣọ màmá náà, o ó mọ ọmọ tó pè wọ́n. Wá lọ bá ọmọdé kan tó ń pín omi lábẹ́ kánópì yẹn, kó o ní, "Màmá tó wọ léèsì àwọ̀ ewé yẹn, kí la ń pè wọ́n níbí?" Ọmọdé ni kó o bi. Má bi ẹgbẹ́ wọn o. Ẹgbẹ́ wọn á pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́ mọ́!"

Ìyàwó Ilé Ìkẹ́rẹ́

Dírẹ́bà, o ṣeun, èyí dára gan-an. Kó wo ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín náà. Wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ ẹni tó pín in sára ike tàbí báàgì. Bó bá jẹ́ màmá ló pín in, orúkọ wọn á wà níbẹ̀.

Tísà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Alága, ẹ ṣeun. Ti ọdún tó jáde yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjì bá jọ dé, tí mo rántí orúkọ ọ̀kan, tí n kò sì rántí ti èkejì ńkọ́?

Alága Ìdúró Adó

Ẹ má pe ẹyọ kan nínú wọn sà. "Ẹ̀yin ọmọ mi" fún àwọn méjèèjì, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ orúkọ àti ọdún wọn níkọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ rántí.

Ọmọ Ìkọ̀lé tó wà l'Ékòó

Mo ti pe ìyàwó mi, a ti jọ fẹnu kò lórí "Màmá wa nìyí". Ó ní òun á bi wọ́n ohun tí òun á máa pè wọ́n. Ti "o" àti "ẹ", "ẹ" ni màá lò, àmọ́ màá bi wọ́n pé "Ulé ńkọ́?" Ọmọ Ọ̀yẹ́, ẹ má bínú.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

N kò bínú. Ṣùgbọ́n bí màmá bá fi èdè ilé dáhùn, kí ìwọ náà má sá padà sí ti Ọ̀yọ́ o.